Wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, ìyàwó mi wá ń dá gbọ́ bùkátà ilé láì sọ̀rọ̀

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán sà. Ilé iṣẹ́ kan ní Odogunyan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ sítọ́ọ̀ fún ọdún 11 kí wọ́n tó dín òṣìṣẹ́ kù, ó ti pé oṣù mẹ́fà báyìí. Owó tí wọ́n fún wa, owó ilé ló bá a lọ. Ìyàwó mi ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí ní Sábó, òun ló ń san gbogbo nǹkan, iléèwé, iná, oúnjẹ, kò sì fẹnu bà á rí. Dídákẹ́ tó ń dákẹ́ yẹn gan-an ló ń pa mí. Tí mo bá ń jẹun nílé ara mi, ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń jalè. Ọmọ ọdún 44 ni mí, mi ò mọ ohun tí mo wúlò fún mọ́. Kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, kọ́kọ́ lọ mú lẹ́tà tí wọ́n fún ẹ níbi iṣẹ́ jáde kó o tún un kà. Ó ṣeé ṣe kó o ti tì í bọ abẹ́ àpótí níbi tí ojú ẹ ò ti ní kàn án, ọ̀pọ̀ ẹni tí mo ti bá sọ̀rọ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ láwọn ilé iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù kí n tó wá gbájú mọ́ bíbá àwọn tọkọtaya sọ̀rọ̀, torí náà mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú lẹ́tà yẹn. Ẹni tó jalè, ẹni tó bá ọ̀gá jà, lẹ́tà tiẹ̀ máa ń dárúkọ ohun tó ṣe. Tìẹ máa sọ pé ipò tó o wà ni wọn ò nílò mọ́, tàbí pé òṣìṣẹ́ ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Bí Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa náà ṣe sọ ọ́ ní abala 20 nìyẹn, pé kéèyàn pàdánù iṣẹ́ pátápátá láìfẹ́ torí pé ọwọ́ tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù. Òfin ọ̀hún ní kí ọ̀gá fi tó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn létí, kó sọ ìdí ẹ̀ àti bó ṣe máa pọ̀ tó, kí ẹni tó dé kẹ́yìn sì kọ́kọ́ lọ, àmọ́ wọ́n tún lè wo ti ìmọ̀ iṣẹ́ àti bí èèyàn ṣe ṣeé gbára lé mọ́ ọn. Tí wọ́n bá wá kan ẹni tó ti lo ọdún 11 nídìí sítọ́ọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ̀ka yẹn lódindi ni wọ́n pa rẹ́ tàbí tí wọ́n kó mọ́ ẹ̀ka míì. Mi ò ní purọ́ fún ẹ pé òfin yẹn lágbára tó bó ṣe yẹ, kò sọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ san, ó kàn ní kí ọ̀gá sapá láti dúnàádúrà owó náà ni, kò sì kan àwọn tó wà nípò alákòóso. Ìdí tí mo fi ní kó o ka lẹ́tà náà ni pé ẹjọ́ tó ò ń dá fún ara ẹ láti oṣù mẹ́fà yìí, o ò ní rí i níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé wàá kà á tán kó má yí nǹkan kan padà lára ẹ, torí pé ohun tó ń ṣe ẹ ju ọ̀rọ̀ lẹ́tà lọ. Abúlé kan wà nítòsí Vienna ní ilẹ̀ Austria tí wọ́n ń pè ní Marienthal. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ṣoṣo ló ń bọ́ wọn níbẹ̀, nígbà tó máa fi di nǹkan bí 1930 ó ti kógbá sílé, bí gbogbo abúlé ṣe di aláìníṣẹ́ nìyẹn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Marie Jahoda àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ síbẹ̀ láti wo bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé, ohun tí wọ́n sì rí ṣì ń ya àwa tá à ń ṣiṣẹ́ yìí lẹ́nu dòní. Àyè ti wá pọ̀ fáwọn èèyàn, àmọ́ ìwé tí wọ́n ń yá nílé ìkàwé abúlé ń dín kù. Wọ́n jókòó wo òpópónà, wọ́n rí i pé àwọn ọkùnrin ń rìn díẹ̀ wọ́n ń dúró, wọ́n tún rìn díẹ̀ wọ́n tún dúró, wọn ò níbi tí wọ́n ń kánjú lọ, nígbà tí àwọn obìnrin tó ń kọjá ní tiwọn ń yára torí pé ọmọ àti ìkòkò ṣì ń dúró dè wọ́n nílé. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ Jahoda wá ṣàlàyé pé yàtọ̀ sí owó, iṣẹ́ tún ń fún èèyàn láwọn nǹkan tí kì í rí àfi tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀: ó ń pín ọjọ́ fún un, ó ń mú un pàdé àwọn tí kì í ṣe ara ilé ẹ̀, ó ń fi í sínú nǹkan tí ọwọ́ ẹ̀ nìkan ò lè ṣe, ó ń fún un ní ipò tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ó sì ń jẹ́ kí ara ẹ̀ máa lọ máa bọ̀ lójoojúmọ́. Ìwọ náà wò ó. Láàárọ̀ o mọ aago tí wàá jí, o mọ ẹni tó máa kí ẹ ní géètì, tẹ́nikẹ́ni bá ń wá páálí kan nínú sítọ́ọ̀ orúkọ ẹ ni wọ́n á pè. Gbogbo ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tó o bá wá ń sọ pé o ò wúlò mọ́, ohun tí mo ń gbọ́ níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò pè ẹ́ látàárọ̀ dalẹ́.

Ìyẹn ló fà á tí mi ò fi ní sọ fún ẹ pé kó o máa wáṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó ń fi fóònù wá iṣẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn, á túbọ̀ máa rẹ̀wẹ̀sì ni. Fi àárọ̀ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìwáṣẹ́, kó o múra, kó o jáde, kó o dé ọ̀dọ̀ àwọn tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí tí wọ́n ti wọlé síbòmíì, torí pé níbi tiwa yìí ẹnu èèyàn ló ń múni wọ ilé iṣẹ́ ju ìwé tá a fi ránṣẹ́ lọ. Àwọn ọjọ́ tó kù, ó gbọ́dọ̀ ní ohun kan tí ẹlòmíì ń retí lọ́wọ́ ẹ ní aago pàtó. Mo máa padà sórí ohun tí nǹkan náà lè jẹ́ torí pé inú ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ ló wà.

Ó yẹ ká wá sọ̀rọ̀ lórí dídákẹ́ tí ìyàwó ẹ ń dákẹ́. O ti túmọ̀ ẹ̀ sí pé ó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ, tàbí pé ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ de ọjọ́ kan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, mi ò mọ ìyàwó ẹ. Àmọ́ nínú àwọn tó ti jókòó níwájú mi, obìnrin tó bá fẹ́ fi owó bú ọkọ kì í fi oṣù mẹ́fà dákẹ́, á ti sọ ọ́ fún ìyá ẹ̀, á ti sọ ọ́ lójú ọmọ. Èyí tó ń dákẹ́, ẹ̀rù ló sábà máa ń bà á. Ó ti rí bí ojú ẹ ṣe ń yí padà nígbà tí wọ́n bá dárúkọ owó iléèwé, ó ti rí i tó o jáde lọ jókòó síta nígbà tí mítà ń ké, ó wá pinnu pé òun á kúkú máa san án kó o má baà mọ̀. Ìwọ ń wo ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀, ò ń rí ìdájọ́. Òun ń wo bó o ṣe ń sá, ó ń rò pé o ti bínú sóun. Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù, èyí tí àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ sọ, ara ọkùnrin tí ìtìjú bá mú kì í fẹ́ sún mọ́ ìyàwó, obìnrin náà á wá rò pé òun ni kò wuni mọ́ tàbí pé ẹlòmíì ti wà níta. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín, kó o tètè mọ̀ pé òun náà ń ru ẹrù kan tí kò sọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ìbéèrè ẹ nìyí, ìwọ ò sì mẹ́nu bà á. Ọlọ́jà ni ìyàwó ẹ. Olówó oṣù tó bá ń gbọ́ bùkátà ilé, tí owó bá tán, ó tán, á dúró dìgbà tí oṣù míì bá parí. Ti ọlọ́jà ò rí bẹ́ẹ̀. Owó ọjà àti owó ilé, àpò kan náà ni wọ́n wà, ojú owó àti èrè jọ wà níbẹ̀, tí ọmọ bá sì dé láti iléèwé pé wọ́n lé òun wálé, inú àpò yẹn náà ló máa kọwọ́ bọ̀. Kò ní mọ ìgbà tó kọjá èrè tó wọ ojú owó. Bí ojú owó bá sì ti ń dín kù, ọjà tó lè rà á dín kù, èrè náà á dín kù, àlàfo tó ń fi ojú owó dí á wá máa fẹ̀ sí i lóṣooṣù. Àwọn àmì ẹ̀ wà tó o lè fojú rí láì bi í ní nǹkan kan. Bó bá ti ń ra àpò ìrẹsì mẹ́ta tẹ́lẹ̀ tó wá ń ra ẹyọ kan, tàbí òun àti aládùúgbò ọjà ẹ̀ ń pín àpò kan, tó ń lọ rajà léraléra ní díẹ̀díẹ̀, tó ń gba ọjà láwìn lọ́wọ́ àwọn tó máa ń sanwó lé lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, tó ti jáwọ́ nínú àjọ tó ti ń dá láti ọjọ́ pípẹ́, tàbí tó ti ń lọ ìpàdé gbọ́mú-lé-láńtà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ojú owó ti ń lọ nìyẹn. Ìtìjú tí kò jẹ́ kó o bèèrè àti àánú tí kò jẹ́ kí òun sọ ló jọ ń jẹ ìsọ̀ yẹn.

Tọkọtaya kan wá bá mi láti apá Ìgbógbó, mo yí àwọn nǹkan kan padà kí wọ́n má baà dá wọn mọ̀. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe ike kí wọ́n tó dín wọn kù, ìyàwó ń ta ẹja inú yìnyín. Oṣù kẹjọ ni wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọn ò tíì jọ jókòó lórí owó rí. Mo ní kí ìyàwó sọ gbogbo ohun tó ń ná lóṣù, kí ọkọ máa kọ ọ́. Oúnjẹ ₦90,000, iná àti gáàsì ₦25,000, ọkọ̀ ₦12,000, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ọkọ ₦15,000. Owó ilé jẹ́ ₦360,000 lọ́dún, ìyẹn ₦30,000 lóṣù, owó iléèwé ọmọ mẹ́ta jẹ́ ₦150,000 ní táàmù kan, tá a bá pín ti ọdún kan sí oṣù 12 á lé díẹ̀ ní ₦37,000. Gbogbo ẹ̀ sún mọ́ ₦210,000 lóṣù. Ọkọ gbé gègé dúró, ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ṣì ń san ti oògùn ìyá òun. Èrè ìyàwó nígbà tí wọ́n dá ọkọ dúró tó nǹkan bí ₦170,000 lóṣù, torí náà láti oṣù àkọ́kọ́ ni ₦40,000 ti ń jáde látinú ojú owó. Ìgbà tí wọ́n fi máa jókòó lọ́dọ̀ mi, páálí ẹja mẹ́wàá tó máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan ti di mẹ́rin, èrè ti wálẹ̀ sí bíi ₦120,000, àlàfo ti kúrò ní ₦40,000 ó ti di ₦90,000, ó sì ti gba owó èlé níbi méjì. Ó ku díẹ̀ kí ìsọ̀ yẹn pa, ọkọ sì wà nílé tó ń ronú pé òun nìkan ni nǹkan bà jẹ́ fún.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n ya owó ilé kúrò lára owó ọjà. Wọ́n fẹnu kò pé ₦25,000 ni ìyàwó á máa mú wálé lọ́sẹ̀, bó ti wù kí ọjà tà tó, ìyókù á padà sínú ẹja. Mo mọ̀ pé iye yẹn ò tó wọn, ó sì le fún wọn, wọ́n jẹ ẹ̀bà ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ fún oṣù mélòó kan. Ọkọ pe àwọn àbúrò ẹ̀ mẹ́ta, ó sọ òótọ́ fún wọn, wọ́n gba ọ̀rọ̀ oògùn ìyá wọn. Ó ní ìpè yẹn ló le jù nínú gbogbo ohun tóun ṣe lọ́dún náà. Ó lọ bá ẹni tó ni iléèwé kí táàmù tó wọlé, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ káwọn san án lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n gbà, torí pé ẹni tó ń gba owó iléèwé máa ń gbọ́ ti ẹni tó tètè wá ju ti ẹni tí wọ́n lé ọmọ ẹ̀ kó tó wá. Ó wá ń jí lọ gbé ẹja láàárọ̀, èyí tí ìyàwó ti ń sanwó alábàárù fún tẹ́lẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìwé àwìn. Orí ni ìyàwó ń fi gbogbo ẹ̀ sí, ọkọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ, iye, ọjọ́ tí wọ́n gbà á, ó wá hàn pé owó tó wà níta lé ní ₦130,000. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n rí gbà, àwọn kan ti kó kúrò ládùúgbò, àmọ́ èyí tí wọ́n rí gbà tó láti san ọ̀kan nínú owó èlé méjèèjì. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta lẹ́yìn náà wọ́n ti padà sí páálí méje. Owó èlé kejì wọ ọdún tó tẹ̀ lé e kó tó tán. Ọkọ náà ríṣẹ́ nígbẹ̀yìn, owó ẹ̀ ò tó ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n sì ń jà, pàápàá lórí bí ọkọ ṣe ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, títí tí mo fi ní kó jáwọ́ nínú títa ọjà pátápátá, kó fi ara ẹ̀ mọ sí gbígbé ẹja àti ìwé.

Mo sọ tiwọn kó o lè rí i pé ìwọ gan-an ló mọ iṣẹ́ tí ìsọ̀ ìyàwó ẹ nílò. Ọdún 11 lo fi ń ka ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde. Ìyàwó ẹ ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní kóńgò àti dẹ́ríkà, ìwọ̀n yẹn ni èrè ti ń bọ́ sọnù jù, nítorí tí ẹni tó ń wọ̀n bá ń kún un jù, èrè orí àpò kan lè tán sínú èènì láì jẹ́ pé ó mọ̀. Ka iye kóńgò tó jáde látinú àpò kan, kọ ọ́ sílẹ̀, fi owó tó wọlé sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wo ohun tó kù lẹ́yìn owó ọkọ̀ àti owó alábàárù. Ọjọ́ ọjà kan lọ́sẹ̀ àti alẹ́ Sọ́ńdè ti tó fún iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ kí ẹ ti jọ fẹnu kò síbi tí iṣẹ́ ẹ máa parí sí kó o tó bẹ̀rẹ̀. Òun ló ni ìsọ̀, òun ni àwọn ìyálọ́jà mọ̀, tó o bá dé ibẹ̀ tó o wá ń pàṣẹ torí pé ara ń ta ẹ láti jẹ́ ọ̀gá níbì kan, wàá ba ohun tó ń bọ́ yín jẹ́. Kó o sì máa ṣe àwọn iṣẹ́ ilé kan pátápátá, kó má jẹ́ pé ò ń ràn án lọ́wọ́ nìkan: gbígbé ọmọ lọ iléèwé, ríra iná sí mítà kó tó tán, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ tó bá pẹ́ lọ́jà. Obìnrin tó ti Sábó dé ní aago mẹ́jọ alẹ́ tó tún wá dáná fún ọkọ tó wà nílé látàárọ̀, ibẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ ti máa ń di ìkórìíra, mo ti rí i ju ohun tí mo fẹ́ rí lọ.

Bó o ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, má ṣe é lálẹ́ ọjọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, má sì ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n bèèrè owó. Má fi "mo mọ̀ pé o ò bọ̀wọ̀ fún mi mọ́" bẹ̀rẹ̀, torí pé ìṣẹ́jú yẹn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ owó ò ní jáde mọ́. Sọ ohun tó o rí àti ohun tó ń ṣe ẹ. O lè ní, "Ìyá àwọn ọmọ, mo rí gbogbo ohun tó ò ń ṣe láti oṣù mẹ́fà. Ojú ń tì mí ni mi ò fi lè bèèrè. Mo fẹ́ ká jọ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kí n mọ ibi tí ẹsẹ̀ ìsọ̀ dúró sí, kí n lè mọ iṣẹ́ tí mo máa gbà ṣe lọ́wọ́ ẹ." Lẹ́yìn náà dákẹ́, jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kó sunkún. Ó sì ṣeé ṣe kó dárúkọ gbèsè kan tó máa gbọ̀n ẹ́ jìgìjìgì. Tó o bá fi ìbínú gbà á lọ́jọ́ yẹn, kò ní sọ èyí tó kù fún ẹ láé.

Owó kan tún wà tí o ò mẹ́nu bà. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ máa san pẹ́ńṣọ̀n, ìdá 8 nínú 100 látinú owó oṣù ẹ, ìdá 10 látọ̀dọ̀ wọn, bó kéré tán. Òfin Pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014 sì gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 50 láyè pé tó bá kúrò níṣẹ́, tí oṣù mẹ́rin kọjá tí kò tíì rí òmíràn, ó lè gba tó ìdá 25 nínú 100 owó tó wà nínú àkáǹtì ẹ̀. Ó ti yẹ ẹ́ láti bí oṣù méjì nìyẹn. Àwọn tó ń tọ́jú owó náà fún ẹ, àwọn tá à ń pè ní PFA, ni wàá lọ bá, má lọ bá ilé iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mú lẹ́tà tí mo ní kó o wá yẹn dání pẹ̀lú nọ́ńbà pẹ́ńṣọ̀n ẹ, káàdì ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà àkáǹtì báńkì, wọ́n á sọ bóyá ó ku nǹkan míì. Kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì náà kó o yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù sí oṣù, torí pé àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń yọ owó lára owó oṣù láì fi ránṣẹ́. Tó o bá rí oṣù tó ṣófo, kó àwọn ìwé owó oṣù ẹ jọ, kó o kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n, wọ́n ní àwọn tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ padà, àmọ́ má gbára lé e pé ó máa tètè jáde. Tó bá jẹ́ ₦1,600,000 ló wà níbẹ̀, ohun tó lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni ₦400,000, owó ọjọ́ ogbó ẹ lo sì ń gé jẹ yẹn. Èrò tèmi ni pé tí owó èlé ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bá wà lọ́rùn ìyàwó ẹ, kó o gbà á, kó o fi san án, kí ìyókù padà sínú ojú owó. Tí kò bá sí gbèsè bẹ́ẹ̀, fi í sílẹ̀. Má fi ra márúwá tàbí kòròpé torí kí wọ́n lè rí ẹ lójú títì pé o ti ń ṣe nǹkan kan. Ẹni tí kò wa ọkọ̀ akérò rí kò mọ owó tí àtúnṣe àti àwọn gáréèjì ń gbà lójúmọ́.

Tí iṣẹ́ kan bá sì yọjú tí owó ẹ̀ kò ju ìdajì ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò ní sọ pé kó o gbà á tàbí kó o má gbà á láì tíì rí ìwé yín. Yọ owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán kúrò nínú ẹ̀ ná. Láti Ìkòròdú lọ sí Èkó, tó o bá wọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀, tó o tún lo wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lójú ọ̀nà, owó tó máa dé ilé lè má ju èyí tí ìwé àwìn ìyàwó ẹ máa mú wá lọ. Ti Odogunyan tàbí ti àwọn tó wà ní Ìmọ̀tà, tó o lè fi ìgbà díẹ̀ débẹ̀, yàtọ̀ sí ìyẹn, mo lè gbà á kódà kó kéré, torí pé ó máa dá àárọ̀ padà fún ẹ.

Kí n tó fi ẹ́ sílẹ̀, mi ò mọ̀ látinú ohun tó o kọ bóyá ìbànújẹ́ lásán ni àbí ó ti di àìsàn. Ìbànújẹ́ máa ń lọ máa ń bọ̀, ọmọ á sọ nǹkan kan wàá rẹ́rìn-ín. Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí inú ẹ ń bà jẹ́ ní ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́, tí oúnjẹ ò dùn lẹ́nu ẹ, tí oorun ń dá lójú ẹ ní aago mẹ́ta òru tí kò padà wá, tí bọ́ọ̀lù tàbí ohun tó o fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ò wù ẹ́ mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn. Ìwé kíkọ àti ìjókòó pẹ̀lú ìyàwó ò lè wò ó. Bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà pẹ̀lú, kó o sọ ti oorun àti ti ọkàn fún dókítà, má sọ ti ara nìkan. Wọ́n lè ní kó o lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábà. Má jẹ́ kí orúkọ ibẹ̀ lé ẹ sá, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n ń gba oògùn tí wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ pàrágà lo fi ń rí oorun sùn, sọ ìyẹn náà fún wọn, torí pé oorun ọtí kì í pẹ́, ìbànújẹ́ tó ń tẹ̀ lé e sì ń wúwo ju ti àná lọ. Tó bá ti ń wá sọ́kàn ẹ pé ó sàn fún àwọn ọmọ tí o ò bá sí, sọ ọ́ fún ìyàwó ẹ lálẹ́ òní, kó kó májèlé tí ẹ fi ń pa kòkòrò ẹ̀wà kúrò nílé, kẹ́ ẹ má dúró de ọjọ́ míì kẹ́ ẹ tó dé ilé ìwòsàn.

Tí ìyàwó ẹ bá sì kọ̀ pé òun ò fẹ́ kọ nǹkan kan sílẹ̀, má fipá mú un. Àwọn obìnrin kan ti rí ọkọ tó mọ iye tí wọ́n ní tó wá gbé e lọ, ó lè jẹ́ ìyá ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ti ní bà á lẹ́rù, ra ìwé kan, kọ ìnáwó ilé nìkan síbẹ̀ fún oṣù kan, èyí tó o lè fojú rí, kó o sì fi sí orí tábìlì níbi tó ti máa rí i. Mú ti iléèwé àti ti mítà ṣe ná. Bó bá pẹ́ díẹ̀ tó rí i pé o ò fọwọ́ kan owó, ó ṣeé ṣe kí òun fúnra ẹ̀ mú ti ọjà wá.